“Ẹ sáà kọ ọ́ ní èdè méjèèjì”: ìmọ̀ràn tó mú kí Àǹtí wa pàdánù fídáù

Bí ẹbí bá ti tàn dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, tí ẹnì kan wá béèrè pé èdè wo ni ká fi kọ ìkéde, èsì kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn: “Ẹ kọ Yorùbá fún àwọn àgbà, kí ẹ kọ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ, ó tán.” Èmi tí mò ń kọ ìkéde fún ẹbí wa ní Ẹdẹ náà gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ikú bàbá wa àgbà ló là mí lójú.

Sátidé, ọjọ́ 7 oṣù Máàṣì, ni bàbá jáde láyé, a sì sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹ̀sìn ṣe wí. Lálẹ́, mo kọ ìkéde sí Wásáàpù. Apá òkè jẹ́ Yorùbá: oríkì díẹ̀, àdúrà, orúkọ àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ni mo kọ pé fídáù ọjọ́ kẹjọ yóò wáyé nílé, láago mẹ́wàá àárọ̀. Mo ní kí àbúrò mi kan tó wà l'Ékòó tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé a ó ṣe àdúrà “lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ.” Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀.

Àǹtí wa ní Lọ́ńdọ̀nù ka apá Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ka ọjọ́ mẹ́jọ láti orí 7, ó bọ́ sí 15, ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n wá gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tí yóò balẹ̀ l'Ékòó lálẹ́ Sátidé. Àárọ̀ Sátidé ọjọ́ 14 la ṣe fídáù. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ Ẹdẹ, a ti fọ ìkòkò, a ti dá àga àyálò padà fún oníàga.

Ẹni tó bá ní àbúrò mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣì í sọ. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ nílẹ̀ Yorùbá ló yàtọ̀: ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an wà nínú ìṣirò. Ẹ wo ìjẹta. Ẹ̀ta wà nínú orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì péré ló ti kọjá. Òní ni ọ̀kan, àná ni èjì, ìjẹta ni ẹ̀ta. Ọjà tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún náà nìyẹn: ẹni tó bá ná an lónìí yóò sinmi ọjọ́ mẹ́ta, yóò tún padà síbẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, nítorí ó ti ka òní mọ́ ọn. Nítorí náà, Sátidé tí bàbá lọ ni ọjọ́ kìíní, Sátidé tó tẹ̀lé e ni ìkẹjọ. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ò ní láti ronú kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò ti yí padà, kò sì sẹ́ni tó fura.

Àṣìṣe kìíní tó wà nínú “ẹ kọ ọ́ ní méjèèjì” nìyẹn. A rò pé ìkéde kan là ń kọ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ìkéde méjì ni, tí kálukú ń dá rìn. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeé, Àlùfáà ní kí a fi àdúrà sí aago mẹ́sàn-án dípò mẹ́wàá. Mo tún apá Yorùbá ṣe, mo tún un fi ránṣẹ́, mo gbàgbé apá Gẹ̀ẹ́sì. Wásáàpù ò tiẹ̀ gbà kí èèyàn tún ohun tó ti kọ ṣe mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ̀dà tí àwọn èèyàn sì ti pín kiri kò ní gbọ́ nípa àtúnṣe kankan. Aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì ló wà nílùú fún àdúrà kan ṣoṣo. Àwọn àna wa láti Òṣogbo dé láago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, wọ́n bá wa nídìí oúnjẹ.

Ti èkejì ni gígùn. Bí ìkéde bá gùn, Wásáàpù yóò gé e, yóò kọ Read more sábẹ́ rẹ̀. Tí Yorùbá bá gba òkè pẹ̀lú oríkì àti àdúrà, ọmọ tí kò lè ka Yorùbá kò rí ohunkóhun tó yé e kí gígé náà tó dé. Ó fi àmì ìka sókè ránṣẹ́, ó kọjá lọ. Mo ti ka irú àmì bẹ́ẹ̀ sí “mo ti gbọ́” rí. “Mo rí i pé ẹ kọ nǹkan” ló ń sọ.

Ibi tí mo ti wá ń bá gbogbo ènìyàn jiyàn ni “Yorùbá fún àgbà, Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ” fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo agbolé wa bó ṣe rí. Ìyá wa àgbà kò lọ ilé-ìwé rárá. Yorùbá wọn jinlẹ̀ ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n bí mo fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀, wọn ò lè ka ìlà kan. Bọ̀dá wa àgbà jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń yára kà. Wọ́n ní Yorùbá lórí fóònù máa ń mú ojú ro àwọn. Àwọn ọmọ Àǹtí ní Lọ́ńdọ̀nù ń gbọ́ Yorùbá bí wọ́n bá sọ ọ́ sí wọn létí, torí inú ilé tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni wọ́n dàgbà sí, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí a ṣe ń kà á. Ìyá tí kò kàwé àti ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan kan náà ló wúlò fún wọn: kí n fi ohùn mi sọ ọ́ ní Yorùbá fún ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ orí ò sọ fún wa èdè tí ẹnì kan ń kà. Ẹ béèrè ohun tó ń kà àti ohun tó ń gbọ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ̀ka ẹbí wa tún wà ní Àjàṣẹ́ lọ́hùn-ún, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wọn nílé-ìwé. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń kó gbogbo wa pọ̀, àwọn kò sí lára “gbogbo wa” náà. Yorùbá nìkan ló so wá pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkọ̀wé tiwọn yàtọ̀ díẹ̀: wọ́n ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí a ti ń fi àmì sábẹ́, wọ́n ń kọ sh fún ṣ, wọ́n sì ń kọ kp níbi tí a ti ń kọ p. Mọ̀lẹ́bí kan kọ sí mi pé “shé ɛ ti dé?” mo kọ́kọ́ rò pé fóònù rẹ̀ ló ń ṣàìsàn.

Nígbà tí ogójì bàbá ń bọ̀, mo jókòó, mo ṣe é lọ́nà mìíràn. Mo kọ́kọ́ wá ohun tí ẹni tó kà á gbọ́dọ̀ ṣe láìṣìnà: ọjọ́, aago, ibi. Ìlà kan ṣoṣo ni mo kọ wọ́n sí, lókè pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́tọ̀:

“Ọjọ́rú 15 Épírì, aago 9 àárọ̀ (Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀), ilé wa, Ẹdẹ.”

N kò kọ “ọjọ́ kẹrin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀” tàbí “ogójì” láìsí ọjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ka ogójì láti orí Sátidé tí bàbá lọ, pẹ̀lú Sátidé náà gan-an, kí ẹlòmíràn má bàa tún un kà. N kò sì kọ 15/4. Nọ́ńbà náà kì í ṣe ohun tí kò ní èdè bí a ṣe ń rò. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà ń fi oṣù ṣíwájú ọjọ́. 15/4 kò lè tàn án jẹ torí kò sí oṣù 15, ṣùgbọ́n 7/3 lè di ọjọ́ 3 oṣù Júláì mọ́ ọn lọ́wọ́. Orúkọ oṣù bíi Máàṣì àti Épírì yé àwọn ará Àjàṣẹ́ náà, nítorí ó jọ ti Faransé. Ẹrẹ́nà ò yé ọ̀pọ̀ nínú wa mọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa.

Lábẹ́ ìlà yẹn, Yorùbá ni gbogbo ìyókù, torí Yorùbá la fi pinnu rẹ̀ nípàdé ẹbí. Gẹ̀ẹ́sì gba gbólóhùn méjì péré, níbi tí mo ti sọ ọjọ́ tí ẹni tó ń ti òkè òkun bọ̀ gbọ́dọ̀ ti balẹ̀ àti ẹni tí yóò pè bí ó bá dé. N kò tú àdúrà, n kò tú oríkì. Oríkì tí a tú sí Gẹ̀ẹ́sì kì í mú orí ẹnikẹ́ni wú. Ẹni tí kò gbọ́ ọ kò pàdánù ọ̀nà dé Ẹdẹ. Orúkọ àkáǹtì tí a ń dá owó sí dúró gẹ́lẹ́ bí báńkì ṣe kọ ọ́, láìfi àmì kankan sí i, nítorí orúkọ tí yóò jáde lójú fóònù ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ohun tí mo kọ mu.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo kọ ní Yorùbá nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àwọn tí mo kọ ọ́ sí ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ. Àwọn àna ni, tí a fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn nítorí ọ̀rọ̀ aago mẹ́wàá yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ò ní “ẹ” àti “o”. Bí mo ṣe máa bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ ni mo máa bá bàbá ìyàwó sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ pé “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa, àwa la jẹ̀bi,” èsì dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo sì fi àmì sí i, torí ẹni tó bá kọ “owo” lásán lè máa sọ̀rọ̀ owó, ọwọ́, ọ̀wọ̀ tàbí òwò, a ò sì fẹ́ kí àna rò pé a tún ń béèrè owó.

Kí n tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé, mo fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́ta lọ́tọ̀: ẹnì kan ní Àjàṣẹ́, ọmọ Àǹtí kan, àti Bọ̀dá tíṣà. N kò bi wọ́n pé ṣé ó yé wọn, nítorí kò sẹ́ni tí yóò ní kò yé òun. Mo ní kí wọ́n sọ fún mi ọjọ́ tí wọ́n máa dé. Àwọn méjì sọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Bọ̀dá ní àwọn rò pé 9 yẹn jẹ́ ti alẹ́, torí wọn ò rí “àárọ̀” tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé “àárọ̀” ṣíwájú nọ́ńbà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Àǹtí pè láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọn ò tiẹ̀ kí mi tán. “Ọjọ́rú, 15, Épírì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí n tó sanwó o.”