Ìpinnu alákọsílẹ̀: gbogbo olùdarí ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú

“Bí ọ̀pọ̀ olùdarí bá ti buwọ́ lu ìpinnu tí ẹ pín kiri, ó ti múlẹ̀ nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ yìí, tó ń lọ káàkiri lórí Wọ́ọ̀tìsáàpù nípa ìpinnu alákọsílẹ̀, ìyẹn ìpinnu tí àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ ń buwọ́ lù lórí ìwé láìpe ìpàdé, kò tọ̀nà. Ó rọrùn láti gbà á gbọ́, torí pé níbi ìpàdé, ìbò ọ̀pọ̀ ló ń borí. Ṣùgbọ́n níbi ìpàdé, ẹni tí kò fara mọ́ ọn ti rí àyè sọ tẹnu rẹ̀. Lórí ìwé, kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí abala 289 òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 2020 fi béèrè ìbuwọ́lù gbogbo olùdarí tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ìpè sí ìpàdé.

Ká ní olùdarí márùn-ún fẹ́ pààrọ̀ àwọn tó ń buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì, tí mẹ́rin buwọ́ lù ú, tí ìkarùn-ún sì kọ̀: kò tíì sí ìpinnu kankan. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n pe ìpàdé, pẹ̀lú ìwé ìpè ọjọ́ mẹ́rìnlá bí ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ kò bá sọ ohun mìíràn, kí wọ́n sì dìbò.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ìpinnu alákọsílẹ̀, ẹ fi àyè ìbuwọ́lù àti ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí ọjọ́ tí ẹni ìkẹyìn buwọ́ lù ú ni ìpinnu náà tó parí. Ẹ fi orúkọ wọ̀nyẹn wé àkọsílẹ̀ àwọn olùdarí lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.