Àbùlẹ̀ tí etí rẹ̀ ń tú àṣírí: ó ti sú mi

Wọ́n tún ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Àwòrán iwájú ilé kan ni, ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri rẹ̀ dáadáa, tí oòrùn ń tàn sí láti ọwọ́ òsì, tí ògiri náà sì ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ bí ojú ṣe ń lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Pátákó ńlá kan wà lábẹ́ fèrèsé tẹ́lẹ̀, ẹnì kan sì ti yọ ọ́ kúrò, ó fi àbùlẹ̀, ègé ògiri tí a gé láti ibòmíràn nínú àwòrán náà, bo ojú ibẹ̀ kí fáìlì náà tó dé ọwọ́ mi. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n tún àwọ̀ àwòrán náà ṣe fún ìtẹ̀ fífẹ̀ kan tí àwọn ènìyàn yóò dúró sí iwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ mọ́ ọn ni pé àtúnṣe ti parí, kò ku ohunkóhun. Kò ku ohunkóhun! Mo ṣí i, mo fẹ̀ ẹ́ sí 100%, n kò sì tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tí mo fi mọ ibi tí pátákó náà wà, bí ó ṣe gùn tó àti bí ó ṣe ga tó.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ̀yin náà ti gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ rí, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọn á yan agbègbè tí wọ́n fẹ́ bò, wọn á tẹ 40 sínú àpótí Feather tó ń mú etí rọ̀ díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn á yí gbogbo etí máàsìkì ká, ìyẹn bòjú tó ń pinnu ibi tí àbùlẹ̀ yóò ti hàn, wọn á sì pa kọ̀ǹpútà wọn dé. Báwo ni nọ́ńbà kan yóò ṣe tó fún etí mẹ́rin tí kò jọ ara wọn rárá?

Ẹ wo etí òkè. Ó fara kan kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ síta lábẹ́ fèrèsé. Mo lọ sí apá ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lára kọnkéré yẹn, mo fẹ̀ ẹ́ sí 400%, mo sì rí i pé láti orí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé inú òjìji tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju píkísẹ́lì méjì tàbí mẹ́ta lọ. Bí lẹ́ńsì ṣe ya ìlà náà gan-an nìyẹn. Bí ìlà tòótọ́ bá ń yí padà láàárín píkísẹ́lì mẹ́ta, kí ni 40 ń wá níbẹ̀? Ó ti da àwọ̀ ògiri sórí kọnkéré, ó ti fọ òjìji nù, ìlà náà wá ń mú ṣáṣá títí dé ibi tí pátákó ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣe bàìbàì jálẹ̀ gígùn pátákó náà, ó sì tún mú padà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé kì í ṣe igbó. Ìlà gbọọrọ ni ojú ènìyàn ń tẹ̀lé lára rẹ̀, ibi tí ìlà bá sì ti rẹ̀ ni ojú máa ń dúró. Ní irú etí bẹ́ẹ̀, ìlà gbọọrọ ni à ń fà máàsìkì tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré, rírọ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju píkísẹ́lì kan lọ. Ìdajì píkísẹ́lì gan-an lè tó.

Ní ọwọ́ ọ̀tún ńkọ́? Ibẹ̀ ló bí mi nínú jù ní àkọ́kọ́, nítorí pé ẹni náà fa máàsìkì rẹ̀ gba orí etí pátákó gan-an, ó sì wá rọ ọ́. Rírọ kì í lọ sí ẹ̀yìn ìlà nìkan; ó ń tàn sí inú, ó sì ń tàn sí ìta. Lórí ìlà fúnra rẹ̀, ìdajì péré ni àbùlẹ̀ ń bò, ìdajì yòókù ń fi ohun tó wà nísàlẹ̀ hàn. Kí ló wà nísàlẹ̀? Pátákó tí wọ́n ní àwọn yọ kúrò ni. Ìdí nìyẹn tí igi etí rẹ̀ fi dúró síbẹ̀ bí òjìji fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ó ń pòórá bí ó ṣe ń wọ inú àbùlẹ̀ lọ. Bí ènìyàn yóò bá rọ etí máàsìkì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tì í síta kúrò lára ohun tó ń bò, débi pé ibi tí rírọ náà bá ti bẹ̀rẹ̀ láti inú, pátákó ti tán pátápátá níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan péré ni, wọn kò sì ṣe é.

Mo rò pé etí ìsàlẹ̀ yóò sàn jù, nítorí ògiri lásán ló wà níbẹ̀, ẹni náà sì fi àyè sílẹ̀ dáadáa láàárín máàsìkì àti pátákó. Àwọ̀ bá àwọ̀ mu, ìmọ́lẹ̀ bá ìmọ́lẹ̀ mu. Síbẹ̀, ọ̀já kan ṣì wà níbẹ̀, ó ń dán, ó sì ń yọ̀, bí ibi tí wọ́n fi aṣọ tútù nù lára ògiri eléruku. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pe ara wọn ní olùtúnṣe fọ́tò kò fẹ́ gbọ́ rárá nìyí. Hóró wínníwínní tí kámẹ́rà ń fi sára àwòrán, èyí tó wà lára ògiri àti èyí tó wà lára àbùlẹ̀, kò bá ara wọn tan. Ibi tí ọ̀kan bá ti mọ́lẹ̀ lè jẹ́ ibi tí èkejì ti ṣókùnkùn. Nígbà tí rírọ bá po wọ́n pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, wọ́n ń pa ara wọn rẹ́. Bí agbára hóró méjèèjì bá dọ́gba, ohun tó máa ń kù ní àárín ọ̀já náà kò ju nǹkan bí 71% lọ. Àwọ̀ lè bára mu láìkù síbì kan, hóró ibẹ̀ yóò ṣì rẹlẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ. Bí rírọ náà bá sì ṣe fẹ̀ tó ni ọ̀já tó ń yọ̀ náà yóò ṣe fẹ̀ tó.

Èyí kì í ṣe èrò inú mi. Mo yan ìwọ̀n kékeré kan náà ní ibi mẹ́ta, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti yí padà púpọ̀, mo sì wo Std Dev nínú Histogram, nọ́ńbà tó ń sọ bí hóró ibẹ̀ ṣe lágbára tó. Lára ògiri gangan, ó sún mọ́ 6. Láàárín àbùlẹ̀, ó sún mọ́ 5. Lórí ọ̀já, kò ju 4 lọ. Nọ́ńbà mẹ́ta yìí tó láti fi dá fáìlì náà padà, kò sí pé à ń bá ara wa jiyàn pé "ojú tìrẹ ló mú jù".

Nítorí pé wọn yóò sọ bẹ́ẹ̀. Mo bá ẹni tó gbé iṣẹ́ náà wá sọ̀rọ̀, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Mo béèrè bí ó ṣe ń wò ó. Ó ní gbogbo àwòrán náà wà lójú kọ̀ǹpútà òun tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yé mi nígbà náà! Tí a bá sọ àwòrán ńlá di kékeré kí ó lè gba ojú kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ píkísẹ́lì ló ń di ọ̀kan, hóró gbogbo á sì rọ̀ pọ̀, ti ògiri àti ti àbùlẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dá ẹjọ́ hóró níbẹ̀. 100% ni à ń wò ó. Bí ó bá sì ṣì ń ṣe iyèméjì, kí ó fi Curves tó ga gan-an sókè fún ìgbà díẹ̀ kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lè pọ̀ sí i, kí ó wo àwọ̀ blue nìkan, níbi tí hóró ti sábà máa ń pọ̀ jù. Àbùlẹ̀ tí kò dára kì í lè sá pamọ́ níbẹ̀.

Inú àbùlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ pé. Hóró rẹ̀ tóbi ju ti ògiri lọ, ó sì wú. Ó hàn gbangba pé ibi kékeré kan ní ọwọ́ òsì, níbi tí oòrùn wà, ni wọ́n ti gé e, pé wọ́n fẹ̀ ẹ́ kí ó lè tó, wọ́n sì mú un ṣókùnkùn kí ó lè bá òjìji mu. Bí a bá fẹ ògiri sí 130%, a fẹ hóró rẹ̀ náà sí 130%. Bí a bá sì mú ibi tó mọ́lẹ̀ ṣókùnkùn, hóró rẹ̀ kì í di hóró òjìji. Ńṣe ló ń rẹ̀ sí i, nígbà tó jẹ́ pé inú òjìji gan-an ni hóró máa ń hàn jù. Inú òjìji kan náà ló yẹ kí wọ́n ti gé e, láìfẹ̀ ẹ́, láìyí i, kódà bí ó bá gba kí wọ́n fi ègé méjì tàbí mẹ́ta tò ó.

Àbí ṣé wọn kò mọ̀ pé a lè ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára hóró ni? Léyà, ìpele àwòrán tí a ń tò lé orí ara wọn, ni à ń lò: léyà kan fún àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tí a ti mú ṣe bàìbàì, èyí ni a lè rọ etí rẹ̀ dé 60 lára ògiri lásán láìsí ewu. Léyà kejì fún hóró, èyí tí etí máàsìkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú, kí ó sì rìn wọ́gọwọ̀gọ kí ojú má baà rí ìlà kankan tẹ̀lé. Níbi tí hóró bá sì ṣì kù díẹ̀, léyà eérú ní 50% nínú Overlay, kí a fi Add Noise sí i, kí a wá fi Gaussian Blur tí kò ju 0.5 sí 0.7 lọ rọ̀ ọ́, nítorí hóró tí kọ̀ǹpútà dá máa ń gún ju hóró kámẹ́rà lọ. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni mímú àwòrán ṣáṣá tó kàn, fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn ti mú tiwọn ṣáṣá kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́!

Mo ní kí wọ́n fún mi ní fáìlì tí léyà rẹ̀ pé, kí n lè tún etí máàsìkì ṣe. Wọ́n ní kò sí mọ́, wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, JPEG nìkan ló kù. JPEG tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an pẹ̀lú, tó ti gé àwòrán sí àpótí 8×8, tó ti jẹ hóró inú àpótí kọ̀ọ̀kan, débi pé hóró tuntun tí mo bá fi sí i kò lè jọ èyí tó kù lára ògiri. Pátákó tí a ti yọ kò ṣeé dá padà, àbùlẹ̀ tí kò dára kò ṣeé yọ. Ìtẹ̀ náà sì ń bọ̀.

Mo fẹ́ kí wọ́n yọ àpótí tó ń gba nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn kúrò. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó bá fẹ́ rọ etí máàsìkì máa fi ọwọ́ rọ ọ́, etí kan lẹ́yìn èkejì. Kí ẹni tó ṣe àbùlẹ̀ yìí sì wá fáìlì tí léyà rẹ̀ pé rí, níbikíbi tó bá sọ ọ́ sí, kí ó fi ránṣẹ́ sí mi lónìí.