Ta ló ní orúkọ orí àpilẹ̀kọ gbọ́dọ̀ bá ti páspọ́ọ̀tù mu?

Ẹ̀gbọ́n wa kan, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, tún sọ ọ́ láìpẹ́ yìí níwájú ọmọbìnrin kan tó ń múra ìgbéyàwó. Wọ́n ní, "Tètè lọ pààrọ̀ orúkọ rẹ lórí gbogbo iṣẹ́ tó o ti tẹ̀ jáde o. Bí orúkọ tó wà níbẹ̀ kò bá ti bá ti páspọ́ọ̀tù rẹ mu, wọn ò ní gbà pé ìwọ lo ni wọ́n." Ọmọ náà ti ní àpilẹ̀kọ bíi mẹ́fà nílẹ̀. Ìdààmú hàn lójú ẹ̀ kedere. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti sú mi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò fìgbà kan rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà rí mọ ohun tí wọ́n ń béèrè: orúkọ tó o fẹ́ kó jáde, ibi iṣẹ́ rẹ, ímeèlì rẹ, àti nọ́ńbà ORCID, tí í ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀ òǹkọ̀wé, lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sẹ́ni tó béèrè páspọ́ọ̀tù tàbí ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó lọ́wọ́ mi rí, bẹ́ẹ̀ ni mo ti bá oríṣiríṣi jọ́nà ṣe pọ̀. Orúkọ òǹkọ̀wé yàtọ̀ sí orúkọ ìjọba. Ní 1908, William Gosset tẹ iṣẹ́ ìṣirò tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú jọ́nà Biometrika. Kò fi Gosset sí i rárá. "Student" ló kọ síbẹ̀. Títí dòní, ìṣirò yẹn ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì lábẹ́ orúkọ yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń jiyàn pé Gosset ló ni ín. Chien-Shiung Wu fẹ́ Luke Yuan ní 1942. Ọdún 15 lẹ́yìn náà, nígbà tí àyẹ̀wò tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká nínú ẹ̀kọ́ físíìsì jáde, orúkọ Wu ló wà lórí ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà, onímọ̀ físíìsì bíi tirẹ̀ ni.

Bí ewu bá wà níbì kan, ọ̀dọ̀ ẹni tó pààrọ̀ ló wà. Ẹ wo Lynn Margulis. Alexander ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ Carl Sagan, ó ń jẹ́ Sagan, wọ́n sì kọ ara wọn sílẹ̀. Ní 1967, àpilẹ̀kọ tó ṣe pàtàkì jù nínú ayé rẹ̀ jáde nínú Journal of Theoretical Biology, èyí tó ṣàlàyé bí àwọn baktéríà ṣe wọ inú sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí wọ́n sì di ara rẹ̀. Orúkọ tó wà lórí ẹ̀ ni Lynn Sagan. Lẹ́yìn náà ló di Margulis, orúkọ yẹn sì ni ayé fi mọ̀ ọ́n dọjọ́ ikú. Ẹ lọ sórí PubMed, ibi tí wọ́n ti ń wá àpilẹ̀kọ ìṣègùn àti báyọ́lọ́jì, lónìí kí ẹ tẹ Margulis L. Àpilẹ̀kọ 1967 yẹn kò ní yọjú. Ẹ ní láti kọ ọ́ báyìí:

```
Sagan L[Author] OR Margulis L[Author]
```

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn ìgbéyàwó obìnrin náà kò lè mọ̀ pé ó yẹ kí òun tẹ orúkọ méjèèjì. Ti Margulis dára, nítorí gbogbo onímọ̀ báyọ́lọ́jì ló mọ ìtàn rẹ̀. Ta ló mọ tèmi àti tìrẹ?

Ohun tó sì ń bí mi nínú jù nìyẹn, torí mo rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó gba ìmọ̀ràn àwọn àgbà, ó pààrọ̀ orúkọ òǹkọ̀wé rẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó sì kó lọ sí ibi iṣẹ́ tuntun ní àkókò kan náà. Scopus, àkójọ ńlá tó ń ka àpilẹ̀kọ àti ìtọ́kasí wọn, kì í bi èèyàn léèrè kó tó pín àpilẹ̀kọ fún òǹkọ̀wé. Ẹ̀rọ ló ń wo orúkọ, ibi iṣẹ́, àwọn tí ẹ jọ kọ̀wé àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́, tó sì ń fi ìyẹn dá èèyàn mọ̀. Nígbà tí orúkọ àti ibi iṣẹ́ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ gbà pé ẹni ọ̀tọ̀ ni. Ó di èèyàn méjì. Àpilẹ̀kọ 6 wà lábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Iye ìgbà tí àwọn èèyàn tọ́ka sí wọn jẹ́ 12, 9, 7, 5, 4 àti 2. Àpilẹ̀kọ 5 wà lábẹ́ orúkọ ọkọ, tiwọn jẹ́ 10, 8, 6, 5 àti 1.

Àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga máa ń wo h-index. Ìyẹn ni iye àpilẹ̀kọ rẹ tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó iye yẹn, ó kéré tán. Nínú 6 àkọ́kọ́, tí a bá kà á láti òkè, ìkẹrin ní ìtọ́kasí 5, ìkarùn-ún kò tó 5, nítorí náà h-index rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 4. Ní apá kejì, 4 náà ni. Ẹ wá da gbogbo 11 pọ̀, kí ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó pọ̀ jù: 12, 10, 9, 8, 7, 6, 5, 5, 4, 2, 1. Ìkẹfà ní 6, ìkeje kò tó 7. H-index rẹ̀ gan-an jẹ́ 6. Ẹni tó ní 6 lọ bá ìgbìmọ̀, àwọn yẹn ṣí ojú ewé kan ṣoṣo, wọ́n sì rí 4. Kò sẹ́ni tó ṣe é níbi. Wọn kò mọ̀ pé apá kejì wà ni.

Àtúnṣe wà fún un. Scopus ní ibi tí òǹkọ̀wé ti lè wá gbogbo orúkọ tó ti lò, kó mú àwọn ojú ewé tó jẹ́ tirẹ̀, kó yan orúkọ tó fẹ́ kó hàn, kó yẹ àwọn àpilẹ̀kọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì ní kí wọ́n so wọ́n pọ̀. Ẹ má kánjú níbi ìyẹ̀wò yẹn, torí àpilẹ̀kọ ẹlòmíràn tó ń jẹ́ irú orúkọ yín lè ti wọ àárín tiyín, ó sì burú kí ẹ fọwọ́ ara yín gba ohun tí kì í ṣe tiyín. Lórí Google Scholar, ẹ ó ṣí ojú ewé yín, ẹ ó tẹ "Add articles", ẹ ó sì fi orúkọ àtijọ́ wá èyí tó kù kí ẹ kó wọn wọlé.

ORCID ni mo fẹ́ kí gbogbo obìnrin gbà kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà láti 2012. Nọ́ńbà tó gùn tó dígíìtì 16 ni, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹni tó o fẹ́ tàbí ẹni tó o kọ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ tí ẹ fi ń tẹ̀wé sí "Published name", kí ẹ kó àwọn yòókù sí "Also known as": orúkọ ọkọ, orúkọ tí wọ́n so pọ̀, ìkékúrú, èyí tó ní àmì ohùn àti èyí tí kò ní. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ORCID á lọ tún orúkọ kọ sórí àpilẹ̀kọ fún un. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ yòókù mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Bí ẹ kò bá kó àwọn iṣẹ́ àtijọ́ sínú ẹ̀, òfìfo ló máa wà.

Àwọn kan á ní, ó kúkú ti ṣeé ṣe láti yí orúkọ padà lórí àpilẹ̀kọ tó ti jáde. Òótọ́ ni. Láti nǹkan bí 2020 àti 2021 ni àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá bíi Wiley, Springer Nature àti Elsevier ti fàyè gbà á, láìsí pé wọ́n ń gbé àkíyèsí àtúnṣe jáde fún gbogbo ayé. Ẹ ó kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú nọ́ńbà DOI àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, wọn á yí i lórí ojú ewé àti nínú PDF, wọn á sì fi ìsọfúnni tuntun ránṣẹ́ sí Crossref, ibi tí wọ́n ń kó ìsọfúnni nípa DOI àwọn àpilẹ̀kọ pamọ́ sí. Fún ẹni tí orúkọ àtijọ́ ń mú ìpalára bá, ìrànwọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìtọ́kasí tó ti wà lẹ́yìn iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn kò ní yí padà, PDF tí àwọn èèyàn ti wà jáde sórí kọ̀ǹpútà wọn kò ní yí padà. Ẹni tó ní ilé ìtẹ̀wé mẹ́rin á bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ló dé tí èèyàn á fi wọ inú wàhálà yìí torí òfin tí kò sí?

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ṣẹ̀. Ibi kan wà tí páspọ́ọ̀tù ti ṣe pàtàkì: tíkẹ́ẹ̀tì, físà, àdéhùn, owó. Orúkọ ọkọ mi ló wà lórí páspọ́ọ̀tù mi àti lórí ìwé owó oṣù, orúkọ bàbá mi ló wà lórí gbogbo iṣẹ́ mi. Nígbà kan, àwọn tó pè mí sí àpéjọ kan fúnra wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi ní orúkọ tí wọ́n rí lórí àpilẹ̀kọ. Ní pápákọ̀ òfurufú, òṣìṣẹ́ náà gbé páspọ́ọ̀tù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka tẹ orúkọ méjèèjì, ó sì mi orí. Ìlà ti gùn lẹ́yìn mi kí wọ́n tó rí i tún ṣe. Orúkọ tíkẹ́ẹ̀tì ló nílò àtúnṣe. Kò kan àpilẹ̀kọ mi kankan.

Láti ìgbà náà, kí wọ́n tó béèrè ni mo ti ń kọ ọ́ sínú ímeèlì àkọ́kọ́: orúkọ báyìí ni kí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, òun náà ni kó wà nínú lẹ́tà ìwé físà, orúkọ báyìí ni kí ẹ kọ sára káàdì àyà àti sínú ètò. Fún ìgbéga àti owó ìwádìí, mo ní lẹ́tà kan láti ibi iṣẹ́ mi tó sọ pé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yìí nínú ìwé ìjọba ló ń fi orúkọ yẹn tẹ̀wé. Mo gbà pé ìgbìmọ̀ kan lè wà tó máa le koko, tó sì máa ní kí ẹ mú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wá. Ẹ so ó mọ́ lẹ́tà náà, ó tán.

Ní ti CV, ẹni tó bá ti lo orúkọ méjì kó kọ ọ́ sókè pátápátá, kí àkójọ àpilẹ̀kọ tó bẹ̀rẹ̀: ọdún tó lo ti àkọ́kọ́ dé, ọdún tí èkejì bẹ̀rẹ̀, àti nọ́ńbà ORCID lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kó kọ orúkọ tirẹ̀ ní lẹ́tà dúdú nínú àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe jáde gan-an, kó má lọ fi tuntun rọ́pò èyí tó wà nínú jọ́nà, torí ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò á wá a, kò ní rí i, á sì rò pé irọ́ ló pa. Ohun tí mo sọ fún ọmọbìnrin yẹn náà nìyí. Ó ti ṣí ORCID rẹ̀ báyìí, orúkọ bàbá rẹ̀ ló sì wà lórí àpilẹ̀kọ tó fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn.