Ṣíà gòkè, kọ́ọ̀lù wálẹ̀: kì í ṣe olè ló jà

Nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni àbúrò mi kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí oríta Ọláìyá, níbí l'Óṣogbo, pè mí. Ìgbà òjò ni, ọjà ṣíà Amẹ́ríkà sì ti ṣí láti aago méjì ààbọ̀ tiwa. "Ẹ̀gbọ́n, ṣíà tí mo ra kọ́ọ̀lù lé lórí ti gòkè, owó mi sì ń dínkù. Wọ́n ti jà mí lólè!"

Ẹnikẹ́ni kò jà á lólè. Ohun tó gbà gbọ́ ló tàn án, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì gbà á gbọ́ bíi tirẹ̀: pé bí ṣíà bá ti gòkè, ẹni tó ní kọ́ọ̀lù, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí èèyàn sanwó fún láti ra ṣíà ní iye àdéhùn kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ti jèrè nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ wò ó. Ká ní o fún onílẹ̀ kan lọ́nà Ìlobùú ní owó díẹ̀, kó lè di pulọ́ọ̀tì kan mú fún ọ fún oṣù mẹ́ta ní iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Bí ilẹ̀ bá wọ́n, wàá rà á ní iye àdéhùn. Bí kò bá wọ́n, owó díẹ̀ yẹn nìkan lo pàdánù. Kọ́ọ̀lù nìyẹn. Wàyí o, àhesọ dé pé ìjọba fẹ́ la títì gba ibẹ̀. Títì lè gba iwájú ilẹ̀ náà kí owó rẹ̀ fò, ó sì lè gba orí ilẹ̀ gan-an kí ó di òfo. Ẹni tó ra ilẹ̀ pátápátá kò ní sùn. Àmọ́ ìwọ tí o kàn san owó ìdìmú, àhesọ yẹn dùn mọ́ ọ: èrè rẹ lè pọ̀, òfò rẹ kò lè ju ohun tí o san lọ. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìdìmú náà fi máa wọ́n bí ilẹ̀ kò tiẹ̀ tíì kúrò ní iye tó wà. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá kéde ibi tí títì máa gbà, àhesọ kú, iye tí àhesọ gbé lé ìwé náà sì kú pẹ̀lú rẹ̀.

Lọ́jà ṣíà, àhesọ yẹn ni wọ́n ń pè ní IV lójú fóònù: bí ọjà ṣe retí pé ṣíà máa fì tó. Ó máa ń ga bí ilé iṣẹ́ bá ti fẹ́ kéde èrè rẹ̀, ó sì máa ń já wálẹ̀ ní kété tí ìkéde bá ti jáde.

Ẹ wo ìṣirò tí mo ṣe fún un. Ṣíà wà ní dọ́là 100, iye àdéhùn jẹ́ 100, ọjọ́ 14 ló kù, IV sì jẹ́ 80%. Kọ́ọ̀lù jẹ́ dọ́là 6.24. (Mo fi èlé àti owó tí ilé iṣẹ́ ń pín fún onípìn-ín sílẹ̀ kó má baà dojú rú.) Ìkéde jáde, ilẹ̀ mọ́, ṣíà di 103. Ìgòkè yẹn nìkan ìbá gbé kọ́ọ̀lù dé 7.95. Ọjọ́ kan tó lọ mú sẹ́ńtì 23 kúrò, ó ku 7.72. Ṣùgbọ́n IV ti já sí 35%, ìyẹn sì gé dọ́là 3.28 kúrò níbẹ̀. Ó ku 4.44. Nítorí pé kọ́ọ̀lù kan máa ń dúró fún ṣíà 100, dọ́là 180 ti lọ. Kó tó lè gba owó rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà, àfi kí ṣíà dé nǹkan bíi 105.50.

Ẹ rí i pé ìgbà tó ń lọ, tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ bù ú jẹ ní tirẹ̀. Síbẹ̀ jíjẹ ìgbà kì í ṣe déédéé bí owó ilé. Kọ́ọ̀lù tí iye àdéhùn rẹ̀ bá iye ṣíà dọ́gba ní dọ́là 100, tí IV dúró sí 35%, jẹ́ 5.84 bí ó bá ku ọjọ́ 64. Bí ó bá ku ọjọ́ 16, ó ti di 2.92, bí ó bá ku mẹ́rin, 1.46. Ọjọ́ 48 ló fi jẹ ìdajì àkọ́kọ́, ọjọ́ 12 péré ló fi jẹ ìdajì tó tẹ̀ lé e. Èyí tí iye àdéhùn rẹ̀ jìnnà sí iye ṣíà kì í tẹ̀ lé ìlànà yìí gẹ́lẹ́.

Ojú fóònù rẹ̀ ló ti lè rí gbogbo èyí kó tó rà. Theta ń sọ ohun tí ọjọ́ kan máa jẹ. Vega ń sọ ohun tí IV máa bù kúrò bí ó bá fi ẹyọ kan wálẹ̀, bíi láti 80% sí 79%. Kí ó fi IV ọjọ́ náà wé ti oṣù tí kò sí ìkéde kankan. Mo ní kó ṣí i wò. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi rò pé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n kó síbẹ̀."