Ẹ yé fi iye ọmọ nìkan yan kíláàsì orí ayélujára

Èrò ọkàn mi rèé fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé-ìwé kéékèèké ní Òṣogbo. Bí ọ̀rọ̀ kíláàsì orí ayélujára bá délẹ̀, "Ọmọ mélòó ló lè gbà?" lẹ máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Zoom ọ̀fẹ́ ń gba èèyàn 100, Google Meet ti Education Fundamentals, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ Google fún ilé-ìwé, náà ń gba 100, Teams ti Office 365 A1, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ Microsoft fún ilé-ìwé, sì ń gba 300. Ilé-ìwé tí kíláàsì rẹ̀ tó kún jù lọ ní ọmọ 45, kí ló tún ń wá níbẹ̀? Gbígba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè, torí ọmọ tí dátà rẹ̀ tán lọ́sàn-án, alẹ́ ló máa wò ó.

Ká ní ilé-ìwé kan lọ́nà Òkè-Fìà ń ṣe ẹ̀kọ́ 12 lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 40 ìkọ̀ọ̀kan. Wákàtí 8 nìyẹn.

Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já ní ìṣẹ́jú 40. Bí tíṣà bá fi 7 pe orúkọ, 33 ló kù fún ẹ̀kọ́. Inú kọ̀ǹpútà nìkan ló sì ń gbà á sí lọ́fẹ̀ẹ́. Tíṣà tó ń fi fóònù kọ́ni kò lè gba nǹkan kan sílẹ̀. Lẹ́yìn tí kíláàsì bá parí, Zoom ṣì máa ń yí fáìlì padà fún ìgbà díẹ̀. Bí bátìrì bá kú nígbà náà, ohun tẹ́ ẹ máa bá nínú fódà ni `double_click_to_convert_01.zoom`. Ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí òbí, kò ní ṣí fún wọn. Orí kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó lè parí iṣẹ́ rẹ̀.

Education Fundamentals kì í gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ rárá. Àfikún Teaching and Learning tí wọ́n ń tà ló ń ṣe é, ẹ sì lè rà á fún kìkì àwọn tíṣà tó máa lò ó.

Teams A1 ni mo fara mọ́ jù fún ẹni tí kò lówó púpọ̀, àmọ́ ó ní àléébù kan: ẹ̀kọ́ tó bá gbà sílẹ̀ máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 30, ẹ kò sì lè sún un síwájú. Sáà wa tó ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní kò ní sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ọmọ bá fẹ́ múra ìdánwò. Wákàtí kan tó nǹkan bíi 400MB, nítorí náà 3.2GB lọ́sẹ̀, 38GB ní sáà: fláàṣì 64GB gbà á. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa wa gbogbo rẹ̀ jáde sórí fláàṣì náà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ kò bá lẹ́ni tẹ́ ẹ lè gbé iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́, ẹ kúkú ra àfikún ti Google fún tíṣà méjì tàbí mẹ́ta.