Kì í ṣe gbogbo sílébù ló gbọ́dọ̀ ní àsíá tirẹ̀

Láàárín àwa tí a ń kọ orin sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin, ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: pé nóòtì tó bá ní sílébù tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dá dúró pẹ̀lú àsíá tirẹ̀, ìyẹn ìrù kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀pá nóòtì. Wọ́n ní a kì í fi igi kan, ìyẹn ìlà tó nípọn, so nóòtì méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, àfi tí wọ́n bá jọ gbé sílébù kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn, ó sì pẹ́ tí mo fi ń tẹ̀ lé e.

Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń tẹ ìwé orin ní Yúróòpù ṣe ń tẹ orin ẹnu láyé àtijọ́. Ìdí nìyẹn tó fi wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé orin tí a jogún. Àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lónìí ti fi í sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń so nóòtì fáólìnì ni wọ́n ń so ti ohùn ènìyàn, ìyẹn ni pé lílù ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Tí sílébù kan bá gùn dé orí nóòtì méjì, ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ lórí nóòtì méjèèjì ló ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan orin Yorùbá ju ti Òyìnbó lọ. Sílébù wa kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò bá fẹ́ kí orin yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà á fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní nóòtì tiwọn. Bí a bá wá tẹ̀ lé òfin àtijọ́, agbára káká la fi máa rí nóòtì tí a máa so. Àsíá ni ojú á máa rí láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé.

Ẹ jẹ́ ká wo báà kan ní 6/8, tó ní nóòtì kúkurú mẹ́fà: «Ẹ wá ká jọ yìn ín». Ní kíì G, sọ́fà rẹ̀ ni m s s, m d m. Tí a bá ya àwọn nóòtì sọ́tọ̀, ọ̀pá «Ẹ wá ká jọ» á kọjú sísàlẹ̀, torí pé m wà lórí ìlà àárín, s sì wà lókè rẹ̀. «Yìn» nìkan á kọjú sókè, torí pé d wà nísàlẹ̀ ìlà àárín, «ín» á sì tún padà sísàlẹ̀. Ọ̀pá kan ṣoṣo tó dà kejì yẹn máa ń fa ojú bíi pé nǹkan pàtàkì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan.

Ẹ wá so wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta. Nóòtì tó jìnnà jù sí ìlà àárín ló ń pàṣẹ fún ọ̀wọ́ rẹ̀: s mú ti àkọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀, d sì mú ìkejì lọ sókè. Ojú rí lílù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má so wọ́n ní méjì-méjì o, torí 3/4 nìyẹn. Mo ti gbọ́ kí ẹgbẹ́ akọrin kan kọ orin ijó bíi wọ́ọ̀sì nítorí ẹni tó dà á kọ so ó bẹ́ẹ̀. Iye nóòtì inú báà pé pérépéré, síbẹ̀ orin náà kú.

Ẹni tó mọ sọ́fà á tètè lóye èyí, torí ìlà kúkurú tó pín báà ní àárín, `|m :s :s |m :d :m |`, ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kò sẹ́ni tó jẹ́ yọ ọ́ kúrò nítorí pé sílébù kọ̀ọ̀kan dá dúró.

Ohùn mẹ́rin lórí sítáàfù méjì, ìyẹn ìlà márùn-ún lọ́nà méjì, yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, ohùn òkè nínú sítáàfù kọ̀ọ̀kan á máa gbé ọ̀pá sókè, èyí tó wà nísàlẹ̀ á máa gbé tirẹ̀ sísàlẹ̀, ibi yòówù tí nóòtì wà. Síso ní mẹ́ta-mẹ́ta kò yí padà.

Ní ti àlàfo, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹ tó to nóòtì sórí rẹ̀. Sílébù wa kúrú, kì í sábà ti nóòtì jìnnà síra, nítorí náà ó rọrùn kí nóòtì mẹ́ta abẹ́ igi kan jìnnà síra ní dọ́gbadọ́gba. Nóòtì tó gùn ní ìlọ́po méjì kò nílò àyè ìlọ́po méjì. Nǹkan bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀ tó.

Lórí kọ̀ǹpútà, LilyPond, ètò tí a fi ń tẹ orin, á so mẹ́ta-mẹ́ta fúnra rẹ̀:

```
{
\time 6/8
\key g \major
b'8 d'' d'' b' g' b'
}
```

Tí àsíá bá wà lórí gbogbo rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti kọ `\autoBeamOff` sókè. Ẹ yọ ọ́. Tí ẹ bá ti yọ ọ́, igi kì í tún sọ pé sílébù gùn, ẹ fi `(` àti `)` sí ibi tó bá gùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé bo ọ̀rọ̀ orin mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi ìka tọ́ka sí lílù kejì báà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìka bá ti dúró láti kà ni igi ti ṣì.