Kì í ṣe kílò orí òṣùwọ̀n nìkan

"Ẹni tó bá ti kó ẹrù rẹ̀ pọ̀ sínú páálí kan, kílò orí òṣùwọ̀n nìkan ló máa sanwó fún."

Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ti ná mi lówó, n kò fẹ́ kó ná àwọn ará Kàbà yòókù. Bí ẹrù bá máa wọ bàálù, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń báni kó ẹrù máa ń wo àyè tí páálí gbà pẹ̀lú. Wọ́n á sọ gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà di púpọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á fi 5,000 pín in. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú iye yẹn àti kílò gidi ni wọ́n ń gbà.

Oríṣi bàtà mẹ́rin ni mo rà ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n kó wọn tàpótítàpótí sínú páálí 50 × 40 × 30, àyè sì ṣófo nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n ní kílò 5, àmọ́ owó kílò 12 ni mo san. Nígbà kejì, mo ní kí wọ́n yọ àpótí bàtà dànù kí wọ́n tó tún un dì: 40 × 30 × 25, owó kílò 6 péré ni mo san. Wọ́n lè gbowó lórí títún un dì, ẹ béèrè ṣáájú.